Ìlà Kúkúrú fún Ẹni tí Àyà Rẹ̀ Ń Já

Bí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, tí ẹ rí i pé ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, tó tún sá padà sí òsì, ẹ mọ̀ pé ó ń kàwé ni. Kò sí ohun tó ń tú àṣírí tẹlipírọ́ńtà bí èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé atọ́kùn ètò náà ni kò mọ iṣẹ́. Èmi kì í tètè dá a lẹ́bi. Ìwé tí wọ́n gbé sójú ẹ̀rọ fún un ni mo kọ́kọ́ máa ń fẹ́ rí, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó tẹ ìwé náà ló kó o sí wàhálà.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò le. Sikirínì kan wà tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ojú kámẹ́rà, gíláàsì kan sì wà lókè rẹ̀ tó dagun ní ìwọ̀n dígírì 45. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí sikirínì a hàn nínú gíláàsì náà fún ẹni tó jókòó níwájú, ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì kì í rí i. Bí ẹni náà bá ń ka ọ̀rọ̀, àárín ojú kámẹ́rà gan-an ló ń wò, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé àwa tí a wà nílé ló ń bá sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ dúdú àti lẹ́tà funfun ni wọ́n máa ń lò, nítorí pé dúdú kì í tàn nínú gíláàsì. Bí ẹ bá fi lẹ́tà dúdú sórí ilẹ̀ funfun, gbogbo gíláàsì yóò mọ́lẹ̀ yòò, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò bà sójú ẹni náà, yóò sì hàn lójú awò rẹ̀ bó bá jẹ́ aláwò.

Ìbẹ̀rù ló bí ẹ̀rọ yìí pàápàá. Fred Barton, òṣèré orí ìtàgé kan ní Amẹ́ríkà, ń bọ̀ wá ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń fún òṣèré ní ọ̀rọ̀ tuntun ṣáá, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun lè gbàgbé tòun. Hubert Schlafly, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló bá a wá ojútùú sí i: bébà gígùn kan tí wọ́n ká bíi ẹní, tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ gàgàrà sí lára, tí ẹnì kan sì ń yí díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Ọdún 1950 ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó nínú eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Bébà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ìṣòro tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn kò tíì kúrò: ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í lè ka ohunkóhun tí wọ́n bá kàn dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹnì kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ni, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, tí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì nípa oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò lè kọjá kí ìyá yìí má sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, láìsí ìwé lọ́wọ́, àwàdà a sì máa wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná pupa orí kámẹ́rà ṣe tàn báyìí, ohùn rẹ̀ fò sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èémí rẹ̀ sì tán nígbà tí gbólóhùn kò tíì dé ìdajì. Ó yí sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí n máa lọ sílé?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ń kà."

Ohun tó ń kà nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ wá láti ọ́fíìsì: "Oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ni a máa ń fún ọmọ nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i àti ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, bẹ́ẹ̀ sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 25/8/2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti àbáláyé, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí àwọn òbí dẹwọ́." Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn, kò burú, torí pé ojú òǹkàwé lè padà sẹ́yìn. Lójú tẹlipírọ́ńtà, kò sí ẹ̀yìn tí ojú lè padà sí, ọ̀rọ̀ tó bá ti gòkè ti lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í mí dé ìsàlẹ̀ ikùn, òkè àyà ló ti ń mí, èémí kan rẹ̀ kò sì ju kí ó fi sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Gbólóhùn yẹn ju ọ̀rọ̀ márùndínlọ́gọ́ta lọ. Kò sí bí kò ṣe ní sáré.

Bí mo ṣe tún un tẹ̀ nìyí. Àwọn ìlà tó dá wọ̀nyí ni ojú rẹ̀ rí nínú gíláàsì:

///

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o.

Ẹ̀yin ìyá,
ẹ̀yin bàbá,
ọ̀rọ̀ ọmọ wa
ni mo bá wá.

/

Tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ,
wọ́n á kán oògùn rọpárọsẹ̀
sí i lẹ́nu.

Yóò tún gbà á
lọ́sẹ̀ mẹ́fà,
lọ́sẹ̀ mẹ́wàá,
àti lọ́sẹ̀ mẹ́rìnlá.

///

Lóṣù kẹjọ,
ọdún ẹgbàá ó lé ogún,
Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé
Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́
kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti àbáláyé.

///

Ṣùgbọ́n ẹ má dẹwọ́ o.

Ẹ kọ́kọ́ wo gígùn ìlà. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù. Àwọn kan rò pé kí lẹ́tà tóbi ni gbogbo iṣẹ́, wọ́n á wá fẹ lẹ́tà títí ọ̀rọ̀ mẹ́rin yóò fi gba gíláàsì láti etí kan dé èkejì. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú yóò ṣì rìn jìnnà, a ó sì rí i nílé. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi àyè sílẹ̀ ní òsì àti ní ọ̀tún, kí ọ̀rọ̀ wà ní àárín gbùngbùn, níwájú ojú kámẹ́rà, kí ó má ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gíláàsì lọ. Bí ẹni náà kò bá rí i kà, kámẹ́rà ni kí wọ́n sún síwájú díẹ̀ tàbí kí wọ́n tún dín ọ̀rọ̀ orí ìlà kù. Bí ibi tí ó jókòó sí bá sì jìnnà sí kámẹ́rà, bíi mítà mẹ́ta, ìrìn ojú kò ní hàn tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ lè fi lẹ́tà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú yàrá kékeré ni wàhálà pọ̀ sí.

Ibi tí ìlà ti gé ṣe pàtàkì ju iye ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí ẹ bá jẹ́ kó gé ìlà fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀, ibi tí àyè bá ti tán ló ti ń gé. Ní èdè wa, ewu tó wà níbẹ̀ ga, nítorí pé ọ̀rọ̀ kékeré ló ń yí gbólóhùn padà. Ẹ rò ó wò bí "ṣùgbọ́n ẹ má" bá parí ìlà kan, tí "dẹwọ́ o" wá bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ tó bá sọ ojú nù, tó wá ibi tí òun wà, "dẹwọ́ o" ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, yóò sì pàṣẹ fún gbogbo ìlú pé kí wọ́n dẹwọ́. Nítorí náà, "kò", "má" àti "kì í" kì í fi ọ̀rọ̀ ìṣe wọn sílẹ̀ lọ sí ìlà mìíràn, orúkọ ènìyàn kì í pín sí méjì, iye kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a ń kà. Ìdí nìyẹn tí "oògùn rọpárọsẹ̀" fi wà pa pọ̀, bó tilẹ̀ sọ ìlà yẹn di èyí tó gùn díẹ̀.

Ẹ tún wo "kéde pé". Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi "pé" sí ìparí ìlà. Ẹni tó bá kà á kò lè sọ ohùn kalẹ̀ níbẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí mo bá fi "pé" bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, yóò parí "kéde" bí ẹni tó ti sọ̀rọ̀ tán, yóò wá tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, ṣùgbọ́n etí mi ni mo ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Mo fi "lọ́sẹ̀" rọ́pò "ní ọ̀sẹ̀", nítorí pé bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í dá ọ̀rọ̀ pọ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí ojú bá rí gẹ́lẹ́ ni ẹnu ń pè, a ó sì máa gbọ́ ohùn ọmọ ilé-ìwé tó ń ka ìwé ìkẹta. Ọ̀rọ̀ iye náà ń kọ́? 6, 10, 14 dà bí ohun tó rọrùn títí tí ẹ ó fi gbọ́ tí ìyá kan ń sọ "ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tẹ́ẹ̀nì, àti fọtíìn" láàárín gbólóhùn Yorùbá. Iye Yorùbá tún ní ìṣirò nínú. Ẹni tó bá rí 45 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta kó tó lè pè é, kò sì sí àyè fún ìyẹn nígbà tí ìlà ń gòkè. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa pè é. Ẹ sì bi ẹni náà bóun ṣe máa pè é, torí pé bí ó bá jẹ́ pé "tuẹ́ńtì-tuẹ́ńtì" ló máa ń sọ fún ọdún 2020 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, "ẹgbàá ó lé ogún" yóò kàn mú un kọsẹ̀ ni. Ìyá wa yìí ló fúnra rẹ̀ yan ẹgbàá. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n ni mo yọ kúrò, ìyá ọlọ́mọ kò nílò rẹ̀.

Ohun kan wà tí ó ní kí n tún yọ tí n kò yọ. Ó ní "ti àbáláyé" ti gùn jù, kí n sọ pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀, kó tán. Kì í ṣe òótọ́ ni. Kòkòrò ti àbáláyé ni wọ́n kéde pé ó ti lọ, ṣùgbọ́n irú mìíràn wà tó máa ń ti ara kòkòrò inú oògùn àjẹsára jáde níbi tí àwọn ọmọ tó gba oògùn kò ti pọ̀ tó. Ìyẹn ṣì ń ṣẹlẹ̀. Ìlà ni ẹ lè gé.

Àyè òfìfo ni èyí tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn ló ń yí ọ̀rọ̀ náà, ó ń gbọ́ ohùn atọ́kùn, ó sì ń tẹ̀ lé e: bó bá dúró, òun náà á dúró. Òfìfo lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ àmì lásán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń yí i fúnra rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìlà òfìfo kọ̀ọ̀kan gba àkókò bí ìlà tó ní ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin sì wà lórí ìlà kan. Ìlà 30 nìyẹn ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá méjì fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Òfìfo kan jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó sì dára láàárín kókó ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ó tó fi mí. Òfìfo méjì jẹ́ mẹ́rin, lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó ń wo ètò yóò ti máa rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Láàárín gbólóhùn, òfìfo kankan kò gbọdọ̀ wà. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹni náà ka ojú ìwé kan fún yín bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ fi aago wò ó, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n ẹ̀rọ. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ wá pẹ̀lú rẹ̀ kò mọ ẹni tó ń kà.

Ìlà fúnra wọn nílò àyè láàárín ara wọn, Yorùbá sì nílò rẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àmì ohùn wà lókè, kíkan wà nísàlẹ̀. Bí ìlà bá súnmọ́ ara wọn, kíkan abẹ́ "ọ" ìlà òkè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àmì orí "á" ìlà ìsàlẹ̀. Ìlà kan àti ààbọ̀ ni mo máa ń fi sílẹ̀. Lẹ́tà ńlá nìkan kò dára pẹ̀lú, ohun gbogbo á dọ́gba, ojú kò sì ní tètè dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Ẹ tún gbọdọ̀ dán ẹ̀rọ wò. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà bíi "ọ" àti "ẹ" wà ní odindi, ṣùgbọ́n "ọ́" àti "ẹ̀" kò sí ní odindi. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ṣe ń lẹ̀ wọ́n yóò fi àpótí kékeré rọ́pò wọn, tàbí kí àmì fò lọ sórí lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ "ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá" sí i kí ẹ wo ohun tí yóò hàn. Bí kò bá dára, ẹ yí irú lẹ́tà padà kí àlejò tó dé. "Ẹ gbà á" àti "ẹ gbá a" kò jọra, ẹni tó ń gbọ̀n kò sì ní dúró ronú èwo ni.

Ó ku àwọn àmì ìtọ́sọ́nà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Joe Biden, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ sọ̀rọ̀ ní Washington. Ó ń sọ ohun tí wọ́n lè ṣe bí òun bá tún lo ọdún mẹ́rin sí i, ó dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ó dánu dúró, ó sì ka àṣẹ náà síta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yòókù. Àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé ẹni tó kọ àṣẹ náà ní lẹ́tà lásán láàárín ọ̀rọ̀ ló ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù. Ohunkóhun tí ẹnu bá lè pè, ẹnu ẹni tó ń kà lè pè é. Nítorí náà, n kì í kọ "sinmi" tàbí "mí". Ìlà dídagun ni mo ń lò: ọ̀kan fún èémí, mẹ́ta fún ìdúró tó tó kí ó gbé itọ́ mì. Wọ́n máa ń dá wà lórí ìlà tiwọn, ní àwọ̀ ìyeyè, kò sì sí bí a ṣe lè pè wọ́n.

Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣáájú gbólóhùn tó wúwo. Lẹ́yìn rẹ̀, èémí ti tán ná, àmì kò wúlò mọ́. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni èyí tó wà lókè pátápátá, kí "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o" tó dé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èémí tó ti dì mú látìgbà tí wọ́n ti ń ka mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Àmì yẹn ní kó tú u sílẹ̀. Ìkíni sì tẹ̀ lé e, nítorí pé kò sí ẹni tó nílò láti ka ìkíni: ẹnu mọ̀ ọ́n, ojú lè wo kámẹ́rà tààrà, ohùn á sì bọ́ sípò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo yan "ìkàlẹ̀" torí pé a kò mọ̀ bóyá òwúrọ̀ tàbí alẹ́ ni wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́.

N kì í kọ "rẹ́rìn-ín" sí i láé. Ẹ̀rín tí wọ́n pàṣẹ fún máa ń dé pẹ̀lú ìpẹ́, á sì dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àmì kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Bí gbogbo ìlà bá ní àmì, ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ́n.

Ìwé tó dára jù kò gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó bá kú, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìwé mìíràn síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1993, Bill Clinton dìde láti bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa ètò ìlera, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni ó bá lójú tẹlipírọ́ńtà. Ó tó ìṣẹ́jú méje kí wọ́n tó ṣe é, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lè ṣe ìyẹn. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà fún ẹni náà, pẹ̀lú ìlà tí wọ́n gé ní ibi kan náà gẹ́lẹ́, kí ó fi í sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá wolẹ̀, ìrísí tí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Ìyá wa kà á lẹ́ẹ̀mejì láìsí kámẹ́rà, èmi sì ń yí i fún un. Nígbà tí iná pupa tàn, ó sáré ní ìlà méjì àkọ́kọ́, ó dé ibi ìlà dídagun kan, ó mí, ohùn rẹ̀ sì sọ̀kalẹ̀. Kò di atọ́kùn ètò ńlá lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ ohun tó mọ̀, a sì gbọ́ ọ.

Lábẹ́ ìlà ìkẹyìn, mo fi òfìfo kan sí i, lẹ́yìn rẹ̀ àmì róbótó mẹ́ta ní àárín gíláàsì, ní ibi tí ojú kámẹ́rà wà gan-an. Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ tán máa ń yára wo ẹni tó ń yí ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń bèèrè pé ṣé ó ti tán, kámẹ́rà á sì ká gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé bó bá rí róbótó mẹ́ta yẹn, kí ó máa wò wọ́n títí iná pupa yóò fi kú.